Kábúrétọ̀ àti ínjẹ́kṣọ̀n: ohun tí epo olómi ń ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí ọwọ́ ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì lè dé

Nínú ọ̀pọ̀ ilé láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Tòyótà Kòróla tòkunbọ̀ wà níwájú ilé, Bájájì Bọ́ọ̀sà tí wọ́n ń gùn lọ oko wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Kẹ́ẹ̀gì kan náà ni wọ́n fi ń bu epo fún gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tí omi bá wọ inú epo yẹn, gbogbo wọn ló máa dá iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í ṣe bákan náà. Kábúrétọ̀ ló wà lára alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀, ínjẹ́kṣọ̀n ló wà lára Kòróla. Ibẹ̀ ni gbogbo ìyàtọ̀ ti wá.

Epo olómi ni mo fẹ́ tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí òun ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa nígbà tí epo bá wọ́n, tí a sì ń rà á nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá rí bó ṣe ń rìn nínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì, àwọn àìsàn yòókù kò ní ṣòro fún yín láti mọ̀.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún ẹ́ńjìnnì lóúnjẹ

Epo bẹntiróòlù kì í jó dáadáa bí kò bá pò mọ́ afẹ́fẹ́. Fún kílò epo kan, ẹ́ńjìnnì nílò afẹ́fẹ́ tó tó kílò 14.7. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa já, á gbóná, kò ní fẹ́ gbé ẹrù. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni ẹ máa rí, púlọ́ọ̀gì á sì dú bí ìdí ìkòkò. Kábúrétọ̀ ń ṣe ìwọ̀n yìí, ínjẹ́kṣọ̀n náà ń ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ni kò jọ ara wọn.

Kábúrétọ̀ kò lo iná mànàmáná láti wọn epo. Lára Bọ́ọ̀sà, táńkì wà lókè, epo ń fi ìwúwo ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gba inú họ́ọ̀sì wá sínú abọ́ kékeré kan lábẹ́ kábúrétọ̀. Fílótì léfòó nínú abọ́ náà. Bí epo bá kún dé ibi tó yẹ, fílótì á gbé abẹ́rẹ́ kan sókè, abẹ́rẹ́ á dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn ń gba ọ̀fun tóóró kan kọjá pẹ̀lú eré, ìfàmọ́ra rẹ̀ sì ń fa epo sókè láti inú abọ́ gba ihò kékeré inú jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹnu jẹ́ẹ̀tì ńlá wà nísàlẹ̀ abọ́ gan-an.

Ti ínjẹ́kṣọ̀n yàtọ̀. Pọ́ǹpù oníná wà nínú táńkì, nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì ń fi agbára ti epo lọ sí iwájú. Lára Kòróla tí wọ́n ṣe ní 2003 sí 2008, agbára náà tó pọ́ńdì 44 sí 50 lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ náà kì í sábà ju nǹkan bí 32 lọ. Epo yìí ń dúró de àṣẹ lẹ́nu nọ́súlù mẹ́rin, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bureeni bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, ló ń pàṣẹ. Ó ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu àwọn sẹ́ńsọ̀: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wọlé, bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ibi tí kíránkì yí dé, àti iye atẹ́gùn tó ṣẹ́kù nínú èéfín. Lẹ́yìn náà ló máa ṣí nọ́súlù fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ojú kò lè ká.

Bí ẹ kò bá dá a mọ̀ èyí tó wà lára ọkọ̀ yín, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ínjẹ́kṣọ̀n ní páìpù irin tóóró kan tó nà lórí ẹ́ńjìnnì, tí ojúbọ̀ wáyà sì wà lórí nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Iná yẹ́lò tó dà bí àwòrán ẹ́ńjìnnì náà máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. Kábúrétọ̀ ní abọ́ rẹ̀, okùn ṣóòkù àti sukúrù sílò, kò sì ní iná yẹn. Ọ̀pọ̀ Píjò 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, tí àwọn bàbá wa gùn, kábúrétọ̀ ló wà lára wọn.

Ìyàtọ̀ kan ṣì wà tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Kábúrétọ̀ kì í fi àìsàn pa mọ́: ìdọ̀tí wọ jẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ máa mọ̀ lónìí. Ínjẹ́kṣọ̀n máa ń fara dà á. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò wọlé níbì kan, bureeni bọ́ọ̀sì á rọra fi epo kún un, ẹ kò ní mọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́, títí kò fi ní lè fi kún un mọ́. Ìgbà yẹn ni iná yẹ́lò á tàn.

Ẹ yẹ epo wò kí ó tó wọ táńkì

Omi wúwo ju epo lọ, wọn kì í sì í pò. Nítorí náà, ẹ bu epo láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe láti òkè rẹ̀. Ẹ fi họ́ọ̀sì kékeré kan fà á, ẹ kàn má fi ẹnu fà á. Ẹ dà á sínú ìgò tó mọ́lẹ̀ gaara, ẹ gbé e síbi tí kò mì fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ máa rí ìlà kan láàárín ìgò: epo lókè, omi nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ni, á dà bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń yí kiri ní ìdí ìgò bí ẹ bá tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kẹrosíìnì ò ṣeé rí báyìí nítorí ó máa ń pò mọ́ epo. Fún ìyẹn, ẹ kán ẹ̀kán kan sórí ìwé funfun, ẹ fi síbi òjìji. Epo tó dára á fò lọ láìpẹ́, ìwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà. Bí kẹrosíìnì bá wà nínú rẹ̀, àmì ọ̀rá á dúró sójú ìwé.

Kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ́ńjìnnì méjì

Olùkọ́ kan ní Ìyàrá ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 nígbà tí epo wọ́n. Ó da lítà 4 sínú Bọ́ọ̀sà rẹ̀, ó da 15 sínú Kòróla, ó sì fi èyí tó kù pa mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wa ọkọ̀ jáde lọ sí Kàbà. Ọkọ̀ náà ṣíná dáadáa. Kò tíì rìn jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, iná yẹ́lò ń ṣẹ́jú, nígbà tó sì débi tí títì ti ga, ó kú. Olùkọ́ padà sílé lórí ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó gun Bọ́ọ̀sà lọ síbi iṣẹ́, Bọ́ọ̀sà sì ń sáré bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ó wá dá a lójú pé epo kọ́ ló fà á. Ó ní ṣebí epo kan náà ni òun bù sí méjèèjì.

Ibi tí àwọn tó pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Pọ́ǹpù Kòróla wà nísàlẹ̀ táńkì, ibi tí omi ń lọ sùn sí gan-an, nítorí náà omi ló kọ́kọ́ fà. Epo tó ti wà nínú páìpù tẹ́lẹ̀ ló fi ṣíná láàárọ̀. Ní ti Bọ́ọ̀sà, tápù rẹ̀ ní ojú mẹ́ta: ọ́fù, ọ́ọ̀nù àti rìsáàfù. Nígbà tí tápù bá wà lórí ọ́ọ̀nù, ó ń fi páìpù kan tó ga díẹ̀ sókè nínú táńkì fa epo, kò fọwọ́ kan ìsàlẹ̀. Omi wà níbẹ̀, ó ń dúró. Nígbà tí epo lọ sílẹ̀ tí olùkọ́ yí tápù sí rìsáàfù, ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí i, Bọ́ọ̀sà náà kú sójú ọ̀nà oko.

Nítorí náà, bí alùpùpù bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ́ọ̀nù, ìyẹn kò wẹ epo mọ́. Ìgò tí ẹ fi yẹ epo ìdí kẹ́ẹ̀gì wò nìkan ló lè sọ òtítọ́. Olùkọ́ ṣì ní lítà 6 nílé. Nígbà tó da díẹ̀ sínú ìgò, omi tó fẹ̀ tó ìka méjì ló jókòó sísàlẹ̀.

Bọ́ọ̀sà: ẹ lè ṣe gbogbo rẹ̀ nílé

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ gbé alùpùpù jáde sí gbangba, kó jìnnà sí ààrò, sìgá àti jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́. Sukudiráfà tó bá sukúrù mu, ike omi tí a gé lẹ́nu, àti aṣọ mímọ́ kan ti tó fún ìdajì iṣẹ́ yìí.

1. Ẹ yí tápù sí ọ́fù. Ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́ kábúrétọ̀, ẹ máa rí sukúrù kan pẹ̀lú ẹnu tóóró tí họ́ọ̀sì wà lára rẹ̀. Ẹ ki họ́ọ̀sì náà bọ inú ike, kí ẹ tú sukúrù náà bí ìyípo kan, ẹ má yọ ọ́ tán. Epo inú abọ́ á sàn jáde, á sì dá dúró fúnra rẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí ike náà dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ omi, ẹ ti mú olè. Bí ẹ bá rí ẹyọ pupa kéékèèké, ìpáta táńkì ni, fílítà epo sì gbọ́dọ̀ yí padà.

3. Ẹ dé sukúrù, ẹ ṣí tápù kí abọ́ tún kún, ẹ pa á, kí ẹ tún dà á jáde. Bí ìkejì bá mọ́, omi inú abọ́ nìkan ni. Bí omi bá ṣì ń jáde, ẹ gbọ́dọ̀ sọ táńkì di òfìfo: ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì yí tápù sí rìsáàfù, kì í ṣe ọ́ọ̀nù, kí ìsàlẹ̀ lè jáde. Ẹ gbọn alùpùpù díẹ̀ bó ṣe ń ṣẹ́ kù.

4. Ẹ da epo tí ẹ ti yẹ̀ wò sí i, kí ẹ tàpá sí i. Ó lè kọ́kọ́ kọ̀, torí púlọ́ọ̀gì ti rẹ. Ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ dá a padà.

Ti olùkọ́ yìí parí síbí. Ẹ̀kejì abọ́ ṣì ní omi, ó sọ táńkì di òfìfo, Bọ́ọ̀sà sì ṣíná.

Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá ṣíná tó jẹ́ pé ṣóòkù nìkan ló ń mú un dúró, tí ẹ bá sì ti ti ṣóòkù padà ó kú, jẹ́ẹ̀tì ti dí. Ṣóòkù ń dín afẹ́fẹ́ kù, nítorí náà ó ń fi èyí tó kù bo àìtó epo. Àmì yẹn dájú, ó sì sọ ohun tí ẹ máa tú. Ẹ yọ sukúrù abọ́, kí ẹ ṣọ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà láàárín kó má ya. Ẹ tú jẹ́ẹ̀tì ńlá àti jẹ́ẹ̀tì sílò, ẹ gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀. Ihò róbótó ló yẹ kí ẹ rí. Ẹ rẹ wọ́n sínú epo mímọ́, kí ẹ fi fọ́nrán rọ́bà ìpẹja gún wọn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà irin gún un láé. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà ni wọ́n sì fi wọn ihò rẹ̀. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ fẹ̀ ẹ́ á di ẹni tí alùpùpù rẹ̀ ń mu epo tí kò mọ ìdí.

Sukúrù tó ń ṣètò afẹ́fẹ́ ti sílò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ rọra yí i wọlé títí á fi kan ìdí, kí ẹ máa ka ìyípo rẹ̀. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, iye ìyípo yẹn náà ni ẹ máa fi yí i jáde. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ wọlé, orí rẹ̀ mú, ó sì lè ba ìjókòó rẹ̀ jẹ́.

Àìsàn kejì tí ọwọ́ yín ká ni kí epo máa kán láti inú kábúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Ìdọ̀tí ti há sábẹ́ abẹ́rẹ́ fílótì. Ẹ fi ìdí sukudiráfà tó jẹ́ rọ́bà rọra gbá abọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó sábà máa ń jókòó padà. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun. Ẹ tún mi fílótì létí: bí ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ kò yàtọ̀. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ pa tápù kí ẹ jẹ́ kó jo epo inú abọ́ tán kó tó kú. Epo tó gbẹ sínú abọ́ á di gọ́ọ̀mù, jẹ́ẹ̀tì sílò ló sì máa kọ́kọ́ dí.

Kòróla: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má tú u

Nígbà tí mẹkáníìkì dé ibi tí ọkọ̀ olùkọ́ dúró sí, olùkọ́ ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́.

"Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yí i mọ́. Bátìrì ló ń kú yẹn, omi yẹn kò ní jó."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ má yí sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi kí ẹ tó tún un ṣe. Iná yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ ń rìn ní ìtumọ̀ tirẹ̀: epo tí kò jó ń sàn lọ sínú páìpù èéfín, ó sì lè sun katalítíìkì tó ń sọ èéfín di mímọ́ níbẹ̀. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà. Bó bá tàn láìṣẹ́jú, ẹ lè rọra wà á délé.

Ohun èlò tó yẹ kó wà nínú ọkọ̀ oní-ínjẹ́kṣọ̀n ni ẹ̀rọ kékeré tó ń ka kóòdù, ìyẹn àmì àìsàn tí bureeni bọ́ọ̀sì kọ pa mọ́. ELM327 oní-Bulutúùtù wọ́pọ̀ lọ́jà, fóònù ni ẹ máa fi wo ohun tó kà. Gbogbo ọkọ̀ akérò kékeré tó ń lo bẹntiróòlù, tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti 1996, ló ní ihò ẹlẹ́nu 16 kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa sì ti ibẹ̀ wá. Ẹ ki ẹ̀rọ náà bọ ihò yẹn, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìṣíná, kí ẹ kà.

Èyí ni ọ̀nà tí ẹ máa gbà ka ohun tí ẹ bá rí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń já. Bí ó bá jẹ́ P0301, P0302, P0303 tàbí P0304 nìkan, sílíńdà kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn. Nọ́ńbà ìkẹyìn ni nọ́ńbà sílíńdà náà, a sì ń kà á láti apá ibi tí bẹ́líìtì wà. Bí ó bá jẹ́ P0300, tàbí tí mẹ́ta nínú wọn bá jáde pọ̀, ẹ wá ohun tí gbogbo sílíńdà jọ ń pín: epo, agbára pọ́ǹpù, tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé. Kọ́ọ̀lù mẹ́rin tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná kì í bàjẹ́ lójúmọ́ kan.

Ti olùkọ́ jẹ́ P0300. Ká ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kò kà á ni, ó ṣeé ṣe kó ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin àti kọ́ọ̀lù kan, kí owó lọ, kí ọkọ̀ sì wà níbi tó wà.

Ká wá sọ pé P0302 lẹ ka ńkọ́? Ẹ lè yẹ ìyẹn wò fúnra yín láìná kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kó tutù. Lórí sílíńdà kejì, ẹ tú bóòlù kan tí sípánà 10 ń bọ̀, ẹ yọ ojúbọ̀ wáyà, ẹ fa kọ́ọ̀lù náà jáde, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ti sílíńdà kìíní. Ẹ pa kóòdù rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ wà á títí iná á fi tún tàn. Bí kóòdù bá di P0301, kọ́ọ̀lù ló bàjẹ́, torí àìsàn náà tẹ̀ lé e lọ. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0302, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì. Bí púlọ́ọ̀gì náà kò bá gbé àìsàn náà lọ, ó kù sí nọ́súlù tàbí inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ kò bá ṣíná rárá, ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù. Àwọn kan máa ń sọ pé bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ kò gbọ́ ìró pọ́ǹpù, ó ti kú. Kì í rí bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ Tòyótà: pọ́ǹpù kì í bẹ̀rẹ̀ títí bureeni bọ́ọ̀sì á fi mọ̀ pé kíránkì ń yí. Ẹ ní kí ẹnì kan máa yí sítátà, kí ẹ̀yin gbé etí sórí àga ẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ ṣí àpótí fíúsì, ẹ wo àkọlé ìdérí rẹ̀, kí ẹ wo fíúsì ínjẹ́kṣọ̀n. Bó bá jó, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jọ tirẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá tún jó, wáyà kan ń kan irin, rewáyà ló kù. Ẹ tún lè fi rílè tó jọ ọ́, tó ní nọ́ńbà kan náà lára, pààrọ̀ tirẹ̀ fún ìdánwò.

Afẹ́fẹ́ ni apá tó wà fún yín láti tún ṣe láìbẹ̀rù, pàápàá nígbà ọyẹ́, àti fún àwọn tó ń wà lójú ọ̀nà Ọbájànà níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń tú eruku. Ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn fílítà náà gan-an, wáyà tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, eruku sì ń bo wáyà yẹn tí kò fi mọ iye afẹ́fẹ́ mọ́. Kóòdù P0171 sábà máa ń tọ́ka síbẹ̀ tàbí sí họ́ọ̀sì tó ti là. Ẹ ra òògùn fífín tó wà fún sẹ́ńsọ̀ yìí nìkan, ẹ fín in láìfọwọ́ kan wáyà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Epo, ọṣẹ àti aṣọ máa ba á jẹ́. Ẹ wá fọwọ́ tọ gbogbo họ́ọ̀sì rọ́bà láti ibẹ̀ dé ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ̀ wọ́n: èyí tó bá le bí igi tàbí tó là ni kí ẹ pààrọ̀. Tọ́rótù, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, náà máa ń dú nínú, sílò á sì máa lọ sókè sódò. Ẹ lè fi aṣọ àti òògùn rẹ̀ nù ún nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní pípa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tọ́rótù oníná tí kò ní okùn, ẹ má fi ìka ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, ẹ lè ṣẹ́ eyín inú rẹ̀.

Ibi tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró sí

Gbogbo ohun tó wà láàárín pọ́ǹpù àti nọ́súlù kì í ṣe ti ẹni tó ni ọkọ̀. Kì í ṣe pé kò lè yé yín. Agbára tí mo sọ lókè yẹn ṣì wà nínú páìpù lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹni tó bá tú u bí ó ṣe ń tú họ́ọ̀sì Bọ́ọ̀sà, epo á fín sí i lójú, á fín sórí irin gbígbóná, iná á sì dé. Nọ́súlù náà kò ṣeé gún bíi jẹ́ẹ̀tì. Bureeni bọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tí a ń tú láti wo inú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da omi sórí ẹ́ńjìnnì ínjẹ́kṣọ̀n láti fọ̀ ọ́: ojúbọ̀ wáyà tí omi bá wọ̀ lè fún yín ní àìsàn tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Fún ọkọ̀ olùkọ́, mẹkáníìkì ló ṣe èyí tó kù. Ó yọ orí bátìrì, ó gbé àga ẹ̀yìn, ó ṣí ìdérí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó tú agbára inú páìpù sílẹ̀ kó tó yọ pọ́ǹpù, ó sì fa gbogbo epo jáde ní gbangba. Fílítà epo Kòróla yìí wà nínú táńkì pẹ̀lú pọ́ǹpù, ó yí òun náà padà. Lẹ́yìn tó da epo tuntun sí i, ẹ́ńjìnnì já fún ìgbà díẹ̀ títí omi inú páìpù fi tán, ó sì balẹ̀. Ó pa P0300 rẹ́, kò padà wá.

Bí ẹ bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún mẹkáníìkì, ẹ sọ fún un ìgbà tí ẹ ra epo, ibi tí ẹ ti bù ú, àti kóòdù tí ẹ kà, kí ẹ gbé ìgò epo yín lọ́wọ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kó tó sọ pé pọ́ǹpù kú, ẹ ní kó fi géèjì wọn agbára epo níṣojú yín. Bí géèjì bá dúró láàárín 44 sí 50 lára Kòróla yìí, kò sí ohun tó ṣe pọ́ǹpù yín, ẹ má ra òmíràn.